Iná tẹ́sítà tàn pé mẹ́jọ, àmọ́ wáyà náà ló ń da kafé láàmú

Mo ń kọ èyí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù nídìí iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti fún àwọn tó ni kafé tí wọ́n ń náwó lórí ohun tí owó kò lè tún ṣe. Ohun tó da kafé kan rú fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀, wáyà kan ṣoṣo ni. Ẹni mélòó kan ti yẹ wáyà yẹn wò kí n tó débẹ̀, wọ́n sì ti sọ pé kò sóun tó ṣe é. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpùrọ́. Ohun èlò tí gbogbo wa ń lò ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Agbowó ni kafé náà wà n'Íbàdàn, níwájú Yunifásítì, níbi tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń wá tẹ̀wé, tí wọ́n ń fi orúkọ sílẹ̀ fún NYSC, tí wọ́n sì ń san owó iléèwé. Àlàájà kan ló ni ín. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún ló wà nínú gbọ̀ngàn, gbogbo wọn so mọ́ súwíìṣì kan tó wà nínú àpótí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà. Ráútà ní tirẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì Àlàájà lẹ́yìn, níbi tí wáyà rédíò orí òrùlé tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé ti sọ̀ kalẹ̀. Wáyà kan ló so ráútà mọ́ súwíìṣì, ó gba inú àjà kọjá, ó sì gùn tó nǹkan bíi mítà márùndínlógójì. Ẹ fi wáyà yìí sọ́kàn.

Nígbà tí mo wọlé, Àlàájà kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìkíni tán tó fi sọ pé, "Ẹnjiníà, bó bá jẹ́ pé owó lo fẹ́ gbà lọ bíi tàwọn yòókù, sọ fún mi báyìí. Mo ti náwó títí, ó ti sú mi."

Mo ní, "Ẹ má bínú mà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó ná, ká tó máa sọ̀rọ̀ owó."

Inú tó ń bí i kì í ṣe lásán. Ó ti gbé owó oṣù tó ń san fún íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò ní mẹ́gà mẹ́wàá sí ogún, kò sí ìyàtọ̀. Ẹnì kan ní kòkòrò ló wọ inú kọ̀ǹpútà, wọ́n fọ́ọ̀mátì gbogbo wọn, kò sí ìyàtọ̀. Ẹlòmíràn ní súwíìṣì ti gbó, wọ́n ra tuntun, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Iléeṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún un rán ènìyàn wá, onítọ̀hún ki láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀ bọ ibi rédíò, eré tó yẹ kó wà níbẹ̀ pé, ó ní inú ilé yín ni wàhálà wà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a mọ ibi tó wà nínú ilé. Ọmọbìnrin tó ń jókòó ní káńtà ni ìyà ọ̀rọ̀ náà ń jẹ jù. Bí ẹnì kan bá ń gbé fọ́tò rẹ̀ sókè lórí pọ́tà NYSC tí ojú ewé náà dákú, òun ni wọn yóò jágbe mọ́, òun náà ni yóò dá owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà.

Ọmọbìnrin yìí ló fún mi ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa ń le jù, òwúrọ̀ ni àbí ọ̀sán. Ó ní, "Kò sí ìgbà kankan, bọ̀dá. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, tó jẹ́ èmi nìkan ni mo tan kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń falẹ̀."

Ẹ dúró lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé mẹ́gà ni kò tó, èrò ló ń pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́, ó sì yẹ kí ó yá nígbà tí gbọ̀ngàn bá ṣófo. Íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo bó ṣe ń falẹ̀ fún ogún ènìyàn, kì í ṣe àìtó ló ń ṣe é. Nǹkan kan ń sọnù lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè yìí ni mo fi ń ṣíde kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun: tí kò bá séèyàn, ṣé ó máa ń yá?

Mo wá pín ọ̀nà náà sí méjì. Mo mú láàpútọ́ọ̀pù mi lọ sí ọ́fíìsì Àlàájà, mo fi wáyà tèmi so ó mọ́ ráútà gan-an, mo sì wọn eré íńtánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́gà méjìdínlógún. Mo padà sí gbọ̀ngàn, mo fi wáyà kan náà so ó mọ́ súwíìṣì. Mẹ́gà mẹ́rin, ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ nílẹ̀. Wáyà ni kí ẹ máa fi ṣe irú àyẹ̀wò yìí o, ẹ má fi Wi-Fi ṣe é, nítorí pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé kéékèèké tí dátà máa ń pín sí lójú ọ̀nà, máa ń sọnù lórí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tí ẹ̀ ń wá. Ní báyìí, ohun tó kù láti fura sí kò ju mẹ́ta lọ: ojú ráútà tó lọ sí gbọ̀ngàn, súwíìṣì, àti wáyà tó so wọ́n pọ̀. Súwíìṣì sì rèé, tuntun ni.

Ohun tí àwọn tó ṣíwájú mi ṣe ni èmi náà kọ́kọ́ ṣe. Mo ṣe píńgì láti ibi súwíìṣì sí ráútà, ìyẹn ni pé mo ń rán pákẹ́ẹ̀tì lọ kí n lè mọ iye tó máa padà bọ̀:

```
ping -n 200 192.168.88.1
```

Ó gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tó parí, ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni èyí:

```
Packets: Sent = 200, Received = 199, Lost = 1 (0% loss),
```

Odo nínú ọgọ́rùn-ún ni Windows kọ sínú àkámọ́, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ti sọnù, torí pé kì í ka ìdajì. Ojú èèyàn á kàn bá odo yẹn lọ ni. Mo yọ wáyà náà kúrò lẹ́nu ráútà àti súwíìṣì, mo ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ tẹ́sítà. Iná bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, ó lọ sí 2, ó lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 8, apá kejì sì ń bá a rìn ní ìtẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Kò fo, kò yà. Ẹni tó ṣíwájú mi ti fi irú iná yìí han Àlàájà rí, ìyẹn ni Àlàájà fi sọ fún mi pé, "A ti yẹ wáyà yẹn wò, wáyà yẹn dára." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lọ ra súwíìṣì.

Ohun tó jẹ́ kí n má tẹ̀ lé iná náà ni ẹyọ kan tó sọnù yẹn. Láàárín kọ̀ǹpútà àti ráútà tó wà nínú ilé kan náà, lórí wáyà, kò yẹ kí ẹyọ kan sọnù nínú igba. Mo tún píńgì náà ṣe, ṣùgbọ́n mo fi ẹrù lé e lórí. Píńgì lásán kì í gbé ju báìtì 32 lọ. Ẹrù tí fọ́tò tàbí fáìlì máa ń gbé lójú ọ̀nà sún mọ́ 1,500. Nítorí náà mo kọ ọ́ báyìí:

```
ping -n 200 -l 1400 192.168.88.1
Packets: Sent = 200, Received = 182, Lost = 18 (9% loss),
```

Ara mi bù máṣọ. Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí wá.

Ìdí tí ìyàtọ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò le. Bí ariwo kan bá ń ba dátà jẹ́ lórí wáyà, bí pákẹ́ẹ̀tì bá ṣe gùn tó ni àyè tí ariwo náà ní láti kàn án ṣe pọ̀ tó. Pákẹ́ẹ̀tì tó gbé báìtì 1,400 fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po méjìdínlógún èyí tó gbé 32, nígbà tí a bá ka ohun tí a dì mọ́ wọn lára. Báìtì kan péré bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, odindi ni ẹni tó gbà á máa dà nù. Ìdí nìyẹn tí mẹ́séèjì WhatsApp tí kò ju gbólóhùn kan lọ fi ń lọ geere ní kafé yẹn, tí fọ́tò NYSC sì ń dákú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fi mọ ìdí tí mẹ́gà ogún kò fi wúlò. Nígbà tí fáìlì bá ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ètò TCP tó ń gbé e kò mọ̀ pé wáyà ló bàjẹ́. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá ti sọnù, ohun tó máa ń rò ni pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà lójú ọ̀nà, ó máa dín eré kù, ó máa rọra tún un sáré, kó tó gbéra dáadáa òmíràn á tún sọnù, á tún dín in kù. Ẹ fún un ní ọgọ́rùn-ún mẹ́gà, bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe. Oṣù lórí oṣù ni Àlàájà fi ń sanwó fún mẹ́gà tí kò lè dé orí kọ̀ǹpútà kankan.

Ṣùgbọ́n mo ṣì nílò ẹ̀rí tó ya wáyà sọ́tọ̀ kúrò lára ojú ráútà. Ráútà MikroTik ló wà níbẹ̀, ó sì máa ń ka pákẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ kó tó wọlé. Mo wọ inú rẹ̀, mo tẹ èyí:

```
/interface ethernet print stats
```

Ìlà tí mò ń wá ni `rx-fcs-error`. Lórí ojú tó lọ sí ibi rédíò, odo ló wà níbẹ̀. Lórí ojú tó lọ sí gbọ̀ngàn, nọ́ńbà ńlá ló wà níbẹ̀, bí mo bá sì tún un tẹ̀, ó ti lé sí i. Mo gbé wáyà náà lọ sí ojú mìíràn lára ráútà. Ojú tuntun yẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kì í ṣe ráútà nìyẹn. Mo ní rólù wáyà nínú mọ́tò, mo gé èyí tó gùn tó, mo fi hẹ́ẹ̀dì sí i lórí méjèèjì, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja láti ọ́fíìsì dé káńtà, àwọn oníbàárà ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Igba pákẹ́ẹ̀tì tó rù 1,400 lọ, igba padà bọ̀.

Ọmọbìnrin káńtà ló kọ́kọ́ pariwo. Mi ò tíì sọ ohunkóhun fún un, ojú ewé tó wà níwájú rẹ̀ ló ṣí.

Mo lè dúró níbẹ̀, kí n fi wáyà tuntun gba inú àjà, kí n gbowó mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọ̀rọ̀ tẹ́sítà yẹn sílẹ̀. Báwo ni wáyà tí iná rẹ̀ tàn pé mẹ́jọ ṣe ń da ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún nù? Mo mú orí wáyà àtijọ́ lọ síwájú fèrèsé, mo yí ikùn hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú ike rẹ̀ kọjá, mo ń ka àwọ̀ láti ọwọ́ òsì: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, ewé, funfun-búlúù, búlúù, funfun-buráwùn, buráwùn. Mo lọ wo orí kejì. Bákan náà gẹ́lẹ́.

Ẹni tó ṣe é tò ó dáadáa lójú ara rẹ̀. Ó fi kálukú sí ẹ̀gbẹ́ ẹnì kejì rẹ̀, ó ṣe orí méjèèjì dọ́gba, ó fi tẹ́sítà wò ó, iná tàn. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún un ni pé ètò tó yẹ, èyí tí a ń pè ní T568B, kò rí bẹ́ẹ̀. Funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-buráwùn, buráwùn ni. Ewé kì í jókòó ti funfun-ewé. Ojú kẹfà ni ewé wà, búlúù méjèèjì ló wà láàárín wọn.

Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ rèé. Wáyà mẹ́jọ yẹn, méjì méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra nínú awọ. Lílọ́ yẹn ló ń dáàbò bò wọ́n. Bí ariwo iná mànàmáná tàbí ti wáyà ẹ̀gbẹ́ wọn bá kọ lù wọ́n, bákan náà ló máa ń kan àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ tó wà lópin ọ̀nà á yọ ti ọ̀kan kúrò lára ti èkejì, ariwo náà á pa rẹ́, ohun tí a fi ránṣẹ́ nìkan ló máa kù. Lórí ráútà àti súwíìṣì tó ń ṣe mẹ́gà ọgọ́rùn-ún, ojú 1 àti 2 ló ń gbé dátà lọ, ojú 3 àti 6 ló ń gbé e bọ̀. Nítorí náà ojú 3 àti ojú 6 gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì tó lọ́ mọ́ra. Nínú wáyà Àlàájà, funfun-ewé ló wà ní ojú 3, búlúù ló wà ní ojú 6. Ìyàwó ilé yìí, ọkọ ilé tọ̀hún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́ mọ́ ẹlòmíràn, ariwo tó kan ọ̀kan kì í kan èkejì bákan náà, kò sì sí ohun tó máa pa á rẹ́.

Tẹ́sítà olówó pọ́ọ́kú kò lè rí èyí. Iná bátìrì ló ń rán gba inú wáyà kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, tó ń béèrè pé ṣé ojú 3 níhìn-ín dé ojú 3 lọ́hùn-ún. Ó dé. Kò béèrè ta ló lọ́ mọ́ ta. Ẹ̀rọ tó lè sọ ìyẹn wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ iṣẹ́. Ojú lásán àti ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì lè sọ ọ́.

Mo bi Àlàájà pé nígbà wo ni wọ́n fa wáyà yìí. Ó ronú díẹ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, inú àpótí kan náà ni ráútà àti súwíìṣì wà, òjò ló ń jò sórí rẹ̀, ni wọ́n bá gbé ráútà lọ sí ọ́fíìsì. Ìgbà tí iléèwé wọlé ni gbogbo èyí bọ́ sí, nítorí náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, èrò ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi. Bí ẹ bá dé ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n gbé kúrò níbìkan sí ibòmíràn kó tó bàjẹ́. Onílé kì í kà á sí àtúnṣe, nítorí náà kì í sọ ọ́ tí ẹ kò bá bi í.

Kò pọn dandan láti yọ wáyà náà jáde nínú àjà. Bàbà inú rẹ̀ kò ní àléébù kankan, orí rẹ̀ ni wọ́n tò sódì. Mo gé hẹ́ẹ̀dì méjèèjì dànù, mo bó awọ díẹ̀, mo tò ó ní T568B. Ibi tí ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ rọ̀ nìyí: ẹ má tú lílọ́ náà ju sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń tú u gùn kí ó lè rọrùn láti tò, wọ́n á tún jẹ́ kí wáyà tín-ín-rín hàn síta lẹ́yìn hẹ́ẹ̀dì. Awọ òde gan-an ló yẹ kí ó wọ inú hẹ́ẹ̀dì, kí eyín rẹ̀ gbá awọ mú. Mo gé ẹnu wọn dọ́gba, mo tì wọ́n wọlé títí mo fi rí bàbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ń dán ní iwájú ike, kí n tó fi kírímpà tẹ̀ ẹ́.

Mo so ó padà. Igba lọ, igba bọ̀, pẹ̀lú ẹrù 1,400. `rx-fcs-error` dúró síbi tó wà, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò kúrò níbẹ̀. Eré tó wà lẹ́nu súwíìṣì di mẹ́gà méjìdínlógún bíi ti ọ́fíìsì. Mo sọ fún Àlàájà pé kó padà sí mẹ́gà mẹ́wàá fún oṣù kan kó wò ó, nítorí pé kò tíì mọ bí mẹ́wàá ṣe rí lórí wáyà tó dára látìgbà tí wọ́n ti gbé ráútà kúrò.

Ó ní, "Ẹni tó ṣe ìyẹn náà ló ṣe gbogbo wáyà inú ilé yìí o." Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni, púpọ̀ nínú wọn ni àwọ̀ wọn tò bíi ti èkíní. Àwọn tó kúrú, tí kò ju mítà méjì lọ, tó so súwíìṣì mọ́ kọ̀ǹpútà ìtòsí, kò sọ pákẹ́ẹ̀tì kankan nù nígbà tí mo fi ẹrù dán wọn wò, torí pé ariwo kò rí àyè tó gùn tó láti wọlé. Mo tún wọn tò síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ọjọ́ kan ẹnì kan á so òmíràn mọ́ ọn láti fi gùn ún. Àwọn tó lọ sí ìlà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ti ń sọ díẹ̀díẹ̀ nù. Èyí tó lọ sí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ló gùn jù nínú àwọn tó kù, nígbà tí mo tún orí rẹ̀ ṣe tán, àwòrán tó máa ń dúró gan-an tó tún máa ń fò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn geere.